Géètì Kẹfà

Ọdún tí mo ń parí ẹ̀kọ́ gíga mi ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n tún gbóná, tí ìjọba fi pàṣẹ pé kí onílé gbélé. Ọmọ Ìlobù ni mí. Ẹni tí wọ́n pín mi mọ́ kí a jọ ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, ọmọ Ìfọ́n ni. Kí ẹ tó sọ pé olùkọ́ tó pín wa kò láàánú, nígbà tó pín wa kò sí wàhálà kankan. Ọkọ̀ kan náà ni a jọ ń wọ̀ lọ sílé-ẹ̀kọ́ ní ẹ̀yìn Òṣogbo. Á ti wọlé láti Ìfọ́n, á gbé báàgì sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dè mí, èmi á sì wọlé bá a ní Ìlobù pẹ̀lú ojú oorun.

Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo kíláàsì ń pè é. Rédíò ló ń tún ṣe fún ọdún mélòó kan kó tó padà sílé-ẹ̀kọ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún láàárín àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́mọdé. Ohun kan ṣoṣo ló ń lé e: ó fẹ́ di agùnbánirọ̀. Ẹni tó bá sì ti kọjá ọgbọ̀n ọdún kó tó gboyè, wọn kì í gbà á síṣẹ́ ìsìnlú mọ́. Bí iṣẹ́ wa bá kùnà, ọdún tó ń bọ̀ ni a máa tún padà wá, ọjọ́ orí rẹ̀ yóò sì ti kọjá. Èmi ní tèmi, ojú á kàn tì mí ni. Òun ló ní ohun tó máa sọnù, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò le láti ṣàlàyé. Géètì ni ẹ̀yà iná kékeré tó ń fi etí kan gba iná, tó ń fi ẹnu kan tu ú jáde; irú rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní íńfátà. Ìgbà tí mo sọ fún màmá mi pé íńfátà mọ́kànlá la máa lò, wọ́n bi mí bóyá gbogbo àdúgbò la fẹ́ tanná sí. Èyí tí mò ń wí kéré débi pé mẹ́fà rẹ̀ ló wà nínú IC kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó takò ọ́: bí o bá fún un ní òkè, ìyẹn iná tó pé, á fún ọ ní ilẹ̀, ìyẹn àìsí iná, bí o bá fún un ní ilẹ̀, á fún ọ ní òkè. Ṣùgbọ́n kì í dáhùn lẹ́sẹ̀kan náà. Ó máa ń fi díẹ̀ falẹ̀, díẹ̀ tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń fi nánósẹ́kọ́ndì kà, ìyẹn sẹ́kọ́ndì kan tí a pín sọ́nà bílíọ̀nù. Ìfalẹ̀ yẹn la fẹ́ wọ̀n.

A ò lè wọ̀n ti ẹyọ kan, nítorí kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ńṣe ni à ń tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, tí a óò wá fi ẹnu ẹni ìkẹyìn sétí ẹni àkọ́kọ́, kó di òrùka. Bí iye wọn kò bá ṣeé pín sí méjì, òrùka náà kò ní fara balẹ̀ láé. Ọ̀rọ̀ tó jáde lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ á yí ká, á sì padà dé gẹ́gẹ́ bí òdìkejì ara rẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ á tún yí padà, gbogbo wọn á tún bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ yí òrùka ká lẹ́ẹ̀mejì kó tó padà sí bó ṣe wà. Àkókò tí yíyí kan pátápátá ń gbà nìyẹn: iye géètì lọ́nà méjì, lọ́nà ìfalẹ̀ géètì kan. Fi í pín sẹ́kọ́ndì kan, wàá mọ iye ìgbà tó ń yí nínú sẹ́kọ́ndì. Bí géètì bá ṣe pọ̀ tó ni yíyí náà ń lọ́ra tó. Bí iye wọn bá wá ṣeé pín sí méjì, ọ̀rọ̀ á padà dé bá ẹni àkọ́kọ́ bó ṣe rán an gẹ́lẹ́, kò ní sí ẹni tó ní ẹjọ́, gbogbo wọn á jókòó jẹ́ẹ́. Òrùka kú nìyẹn.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀ lórí. Mo lè kà á fún yín láìla ojú. Mo ní kí ẹ fi èyí sọ́kàn.

Géètì mọ́kànlá ni olùkọ́ wa fọwọ́ sí: márùn-ún láti inú IC tèmi, mẹ́fà láti inú tirẹ̀. A ra IC méjì ní Òṣogbo, a pín in, a ní tó bá di ọjọ́ Mọ́ńdè a máa jọ tò ó ní yàrá iṣẹ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè kò tíì dé tí wọ́n fi ti ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi jókòó sílé, èmi ní Ìlobù, òun ní Ìfọ́n, àárín wa kò tó ohun tí a lè pè ní ìrìn-àjò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè rìn ín. A fẹnu kò lórí fóònù pé kí kálukú to tirẹ̀ sórí bọ́ọ̀dù, kó dán an wò, kí a wá so wọ́n pọ̀ ní ọjọ́ ìdánwò.

Mo to márùn-ún tèmi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fi ẹnu ìkarùn-ún sétí èkíní, mo fún un ní iná fóòtì márùn-ún, mo fi mítà wò ó. Mílíọ̀nù méjì ìgbà ní sẹ́kọ́ndì kan. Mo ṣírò rẹ̀: yíyí kan jẹ́ nánósẹ́kọ́ndì ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, mo fi mẹ́wàá pín in, ìfalẹ̀ géètì kan jẹ́ àádọ́ta. Inú mi dùn débi pé mo lọ bá màmá mi ní ilé ìdáná láti sọ fún wọn, wọ́n ní kí n bá àwọn mú ṣíbí.

Ọjọ́ kejì ni Ẹ̀gbọ́n pè mí. Ó ní tòun kò sọ̀rọ̀. Kò ní mítà tó lè ka yíyí, nítorí náà rédíò ló fi ń wò ó: ó gbé òrùka náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò AM, ó ń yí bọ́tìnì rédíò náà kiri, bí òrùka bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí ariwo rédíò náà rọlẹ̀ níbi tí yíyí rẹ̀ bá bọ́ sí. Kò rọlẹ̀ níbì kankan. Mo bi í pé mélòó ló tò. Ó ní mẹ́fà. Mo rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí mo máa ń rín nígbà tí mo bá mọ nǹkan.

“Ẹ̀gbọ́n, mẹ́fà kì í ṣiṣẹ́ láyé. Ẹ yọ ọ̀kan.”

Ó ní ṣùgbọ́n mẹ́fà ló wà nínú ìwé tí a kọ. Mo ní kí ló kan ìwé nínú ẹ̀, kó yọ ọ́ jàre, kí a lè mọ̀ bóyá IC rẹ̀ kò kú. Ó yọ ọ́. Kò pẹ́ tó fi tún pè, mo gbọ́ ayọ̀ lóhùn rẹ̀: ní nǹkan bí 1500 lójú rédíò, ariwo náà rọlẹ̀ wọ̀ọ̀, tó bá sì yọ bátìrì òrùka, ó tún padà wá. Dípò kí n bá a yọ̀, mo tún rí ẹ̀sùn kà sí i lẹ́sẹ̀. Mo ní márùn-ún tèmi ń lọ ní mílíọ̀nù méjì, kí ló dé tí tirẹ̀ fi wà ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀? Ó ṣàlàyé fún mi pẹ̀lú sùúrù pé bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tó ti ń rẹ̀ lòun ń lò, pé bí iná bá ti dín kù, géètì á túbọ̀ máa falẹ̀, yíyí á sì lọ sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ó sì dùn mí pé òótọ́ ni.

Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó bi mí ṣé kóun fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti ń ṣiṣẹ́, kó má tún fọwọ́ kàn án.

Àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ìjọba gba àwọn èèyàn láyè láti jáde, ṣùgbọ́n kí oníkálukú ti wọlé kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Màmá mi kò fẹ́ kí n lọ. Wọ́n ní ojú ọ̀nà kò tíì rọ̀ tó fún ọmọ èèyàn, wọ́n tún ní ṣé ọmọ Ìfọ́n yẹn náà la ṣì jọ ń ṣe é. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n tẹ̀lé mi débi tí mo ti máa wọkọ̀, wọ́n dúró títí ọkọ̀ fi gbéra. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì lọ́tùn-ún, ó wà ní títì lósì.

Mo dé yàrá iṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án, Ẹ̀gbọ́n kò sí níbẹ̀. Aago mẹ́wàá, kò sí. Olùdánwò tó wá láti ìta ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti kéde pé aago kan ọ̀sán ni wọ́n ń lọ. Mo pe fóònù rẹ̀ títí ó fi sú mi. Nígbà tí aago mọ́kànlá kọjá ló wọlé, erùpẹ̀ bò ó láti bàtà dé orúnkún. Kò gba ọ̀nà títì; oko ni ọlọ́kadà gbé e gbà, kó má baà gba àárín Ìlobù kọjá. Ó gbé bọ́ọ̀dù rẹ̀ sínú agolo bisikíìtì, ó fi aṣọ wé e. Kò sí ohun tó yẹ̀ nínú rẹ̀. N kò kí i dáadáa.

A so wọ́n pọ̀: ẹnu ìkẹyìn tèmi sétí àkọ́kọ́ tirẹ̀, ẹnu ìkẹyìn tirẹ̀ sétí àkọ́kọ́ tèmi, iná kan náà, ilẹ̀ kan náà. Mo tan skóòpù, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán iná sójú díńgí. Ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo wo iná: fóòtì márùn-ún pé. Mo fọwọ́ tẹ gbogbo wáyà mọ́lẹ̀. Ìlà náà tẹ́. Olùkọ́ wa wá dúró lẹ́yìn wa, wọ́n wò ó, wọ́n ní olùdánwò fẹ́ lọ jẹun, ogún ìṣẹ́jú ló kù fún wa, bí wọ́n bá padà dé tí òrùka náà kò bá yí, àwọn kò ní ohun tí àwọn lè kọ sílẹ̀ fún wa.

Mo tú wọn, mo sọ tèmi di òrùka ara rẹ̀: mílíọ̀nù méjì. Mo sọ tirẹ̀ náà di òrùka: lórí iná fóòtì márùn-ún, òun náà sáré dé nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì. Mo tún so wọ́n pọ̀: òkú. Tèmi dára lóun nìkan, tirẹ̀ dára lóun nìkan, wọ́n pàdé tán, wọ́n kú. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ti lọ. Mo fa wáyà mẹ́rin yọ lórí bọ́ọ̀dù tirẹ̀, mo pààrọ̀ wọn. Kò yí padà. Mi ò wo tèmi rárá.

Ó ní kí n jẹ́ ká fara balẹ̀, ká kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì jẹ́ pé ìtutù ohùn yẹn gan-an ló gbé mi lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ìbẹ̀rù, ọ̀rọ̀ tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn aládùúgbò láràárọ̀, ojú màmá mi níbi ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ dà sẹ́nu mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí mo ti ń pè ní ẹ̀yin láti ọdún méjì, mo pè é ní ìwọ.

“Ìwọ lo bà á jẹ́. Ẹ̀yin ará Ìfọ́n, kò sí ohun tí a lè jọ ní tí ẹ ò ní bà jẹ́.”

Àwọn tó wà nídìí tábìlì kejì gbójú sílẹ̀ bí ẹni pé àwọn ni mo bú. Mo rí i pé wọ́n gbọ́, mo sì fẹ́ gbé e mì padà, ṣùgbọ́n ó ti jáde.

Ẹ̀gbọ́n mú ẹnu skóòpù náà, ó fi kan ẹnu géètì àkọ́kọ́ lórí bọ́ọ̀dù tèmi, ó wo díńgí, ó sọ ohun tó rí. Òkè. Ó kan ìkejì. Ilẹ̀. Ìkẹta. Òkè. Báyìí ló ń bá a lọ, òkè, ilẹ̀, òkè, ilẹ̀, ó kọjá sórí bọ́ọ̀dù tirẹ̀, kò yára, kò falẹ̀. Mo ń bá a kà nínú lọ́hùn-ún. Nígbà tó dé ti ìkẹyìn, ó ní ilẹ̀. Ilẹ̀ ni ẹni ìkẹyìn ń sọ sétí ẹni àkọ́kọ́, ilẹ̀ sì ni ẹni àkọ́kọ́ nílò kó tó lè máa sọ òkè lọ. Gbogbo wọn ló gbà fún ara wọn. Kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni nínú wọn láti tún yí padà.

“Mẹ́wàá ni,” ó ní.

Ìgbà yẹn ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i. Lórí bọ́ọ̀dù tirẹ̀, géètì kẹfà dá dúró, ó ti fi wáyà yẹ́lò kúkúrú kan so etí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, bó ṣe yẹ kéèyàn ṣe géètì tí kò níṣẹ́, kó má baà máa gba ìgbàkugbà. Ẹ yọ ọ̀kan. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má tún fọwọ́ kàn án. Ohùn mi ni. Kálukú wa ní iye tí kò ṣeé pín sí méjì nínú ilé rẹ̀, márùn-ún àti márùn-ún, èmi tí mo mọ gbogbo rẹ̀ lórí kò sì jókòó ro ohun tí méjèèjì máa dà tí wọ́n bá pàdé. Òun ló ti tò ó bó ṣe yẹ. Èmi ni mo ní kó tú u.

Mo mọ̀ pé òun náà ti rántí. Ó wà nínú fóònù rẹ̀ pàápàá, nítorí mo tún kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ náà. Kò mú fóònù jáde. Ó kàn ní kí n bá òun mú wáyà kan.

Mo fa wáyà yẹ́lò náà, ó kán, ìdajì rẹ̀ kù sínú ihò bọ́ọ̀dù. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù. Ẹ̀gbọ́n fi ẹnu pínnì àyà ẹ̀wù rẹ̀ yọ ọ́, ó gba wáyà lọ́wọ́ mi, ó fi ẹnu ìkarùn-ún sétí ìkẹfà, ó fi ẹnu ìkẹfà padà sọ́dọ̀ tèmi. A gbọ́ ohùn olùkọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sọ fún olùdánwò pé ó ku ẹgbẹ́ kan. Ó tan iná.

Ìlà tó tẹ́ náà dìde, ó di òkè àti ilẹ̀, òkè àti ilẹ̀, ó kún ojú díńgí. Omijé bọ́ lójú mi, mo sì yíjú sí fèrèsé.

Kìlóhátíìsì 880 ni skóòpù kà, ìyẹn yíyí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 880 ní sẹ́kọ́ndì kan. Olùdánwò wo ìwé wa, wọ́n ní a ti kọ ọ́ síbí pé pẹ̀lú ìfalẹ̀ àádọ́ta, géètì mọ́kànlá yẹ kó fún wa ní 909, kí ló jẹ ìyókù? Èmi ni wọ́n ń wò. Ẹ̀gbọ́n ló dá wọn lóhùn pé wáyà gígùn tó so bọ́ọ̀dù méjèèjì àti ẹnu skóòpù fúnra rẹ̀ ń fi kún ẹrù tí géètì ń gbé, nítorí náà ìfalẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ti di bíi méjìléláàádọ́ta. Wọ́n ní kí n sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí a bá sọ ọ́ di mẹ́tàlá. Mo ní yóò túbọ̀ lọ́ra, yóò wá sí nǹkan bíi 740. Wọ́n ní méjìlá ńkọ́? Mo ní yóò kú. Wọ́n mi orí, wọ́n wá béèrè ohun tó dá wa dúró látàárọ̀.

Mo ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ láti jẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ṣáájú mi.

“A gbàgbé géètì kan ni, sà.”

A. Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n bọ̀ wá lọ́wọ́ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ó parí.

Aago méjì ti kọjá nígbà tí a dé ibi tí a ti ń wọkọ̀. Ọkọ̀ Ìlobù wà nílẹ̀, ó ń pe èrò. Òun ń retí ọlọ́kadà tó gbé e wá. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ lórí iyanrìn, pẹ̀lú báàgì lọ́rùn mi, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó má bínú, mo ní orí mi ló gbóná, mo ní èmi ni mo ní kó yọ géètì náà, mo sì mọ ohun tí ọjọ́ òní túmọ̀ sí fún un. Ó ní kí n dìde, àwọn èèyàn ń wò. N kò dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi kí ẹlòmíì má baà gbọ́.

“Ti géètì, mi ò bínú rárá, àbúrò. Ti èkejì, mo ti ń retí rẹ̀ lẹ́nu rẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti pín wa pọ̀. Mo kàn ń gbàdúrà pé kí a parí iṣẹ́ kó tó jáde ni.”

Mo rántí báàgì tó máa ń gbé sórí àga dè mí láràárọ̀, tó sì ń retí ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu mi. Ọlọ́kadà dé, Ẹ̀gbọ́n gun ọ̀kadà náà, wọ́n gba ọ̀nà oko lọ.